Ìkíni Tí Kò Ní Ọ̀rọ̀ Lẹ́yìn

Ìkíni ni ó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Kì í ṣe ìró ìbọn, kì í sì í ṣe igbe ẹnikẹ́ni.

Mo ti inú kòkó bọ̀ wá sí ahéré láti mu omi. Oòrùn ti yẹ̀ díẹ̀ lójú ọ̀run. Ọkùnrin ará Tógò tó ń bá mi ṣiṣẹ́ oko jókòó lórí àpótí, fóònù kékeré rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ń koná mọ́ ìkòkò iṣu, ọmọ wọn ń sùn lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní, "Màmá, Bàbá Alága kí wa. Ó kí wa púpọ̀."

Bàbá Alága ni olórí ẹgbẹ́ àwa tí a ń dáko kòkó ní apá ibẹ̀, àgbàlagbà ará Ìkẹ́rẹ́ kan tí oko rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi. Ọkùnrin náà na fóònù sí mi. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni. Mo kà á:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú oòrùn. Ṣé dáadáa ni ẹ wà? Ìyàwó ńkọ́? Ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ wa ní àlọ àti ní àbọ̀ o. Àmín."

Ibẹ̀ ló parí sí. Mo tẹ bọ́tìnnì sísàlẹ̀, mo ń wá ìyókù. Kò sí ìyókù.

Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí yóò mọ ohun tó já mi láyà. Àgbà kì í dédé kí ènìyàn báyẹn. Ẹni tó fẹ́ túfọ̀ bàbá rẹ fún ọ, yóò kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́, yóò béèrè ilé, yóò béèrè ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà já lù ọ́ láyà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìkíni bá ti gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ máa ń wúwo. Bàbá Alága kò tilẹ̀ bá ìyàwó ọkùnrin yìí sọ̀rọ̀ rí láyé. Kí ló dé tó ń béèrè rẹ̀?

Mo bi í pé, "Ìgbà wo ló wọlé?"

"Àárọ̀. Mo kà á díẹ̀díẹ̀. Ó dùn mọ́ mi."

"Kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀?"

"Òmíràn wà. Ti ilé iṣẹ́ fóònù ni. Mo ti pa á rẹ́."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé ti ilé iṣẹ́ fóònù ni?"

Ó rò ó díẹ̀. "Kì í ṣe ọ̀rọ̀. Lẹ́tà, nọ́ńbà, lẹ́tà, nọ́ńbà. Bí èyí tí wọ́n fi ń ta orin."

Fóònù tèmi ti kú láti òwúrọ̀, nítorí kò sí iná ní ìlú. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wo èéfín tó ń ti ẹnu ààrò gòkè lọ, tó yọ orí igi kòkó, tó ń fẹ̀ lọ lójú ọ̀run bí ẹni ń ju ọwọ́ sí ènìyàn pé ibí ni a wà.

Mo sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Da omi sí iná yẹn."

"Màmá, iṣu kò tíì jinná."

"Dà á sí i."

Ó wo ojú mi, ó sì gbé kèrègbè. Mo ní kí a fi gbogbo nǹkan sílẹ̀. A wọ inú kòkó lọ, a sọ̀ kalẹ̀ síhà odò, níbi tí koríko ti ga ju ènìyàn lọ, a sì dọ̀bálẹ̀. Mo tilẹ̀ ń rò ó lọ́kàn mi pé bóyá mo ti sọ ara mi di aṣiwèrè lójú àwọn ọmọlọ́mọ, pé bàbá arúgbó kan kàn kí wọn ni. Bí mo ṣe ń rò ó lọ́wọ́ ni a gbọ́ ìró ọ̀kadà. Ju ẹyọ kan lọ ni. Wọ́n dúró síwájú ahéré. A gbọ́ tí wọ́n ta ìkòkò nípàá. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn:

"Ààrò ṣì gbóná."

Títí di òní, bí mo bá fọwọ́ kan ààrò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa iná rẹ̀, mo máa ń gbọ́ ohùn yẹn.

Ìyá ọmọ ki ọmú bọ ọmọ rẹ̀ lẹ́nu kó tó sunkún. Wọ́n rìn káàkiri. Ẹnìkan fi igi na ewé kòkó bó ṣe ń bọ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa, ewé ń já bọ́, ó sì dúró. N kò mọ ohun tó dá a dúró. Wọ́n pè é, ó padà. Nígbà tí a kò gbọ́ ìró wọn mọ́, a gba inú odò lọ sí ìlú, ẹsẹ̀ wa nínú omi. Lọ́jọ́ náà gan-an ni àwọn ajínigbé náà gbé ọkùnrin kan tó ń dáko ní òdìkejì odò. Ó padà wá lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n kì í jókòó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà mọ́.

Nígbà tí mo rí iná fi sí fóònù mi, àtẹ̀jíṣẹ́ kejì yẹn wọlé sórí tèmi náà. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ló fi ránṣẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ̀wé, tí ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Bàbá Alága ti kí gbogbo ènìyàn tán, ó sì ní kí akọ̀wé sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n ó ti gé orí àti ẹsẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀. Nọ́ńbà dúró sí ipò ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìparí rẹ̀ ni pé kí kálukú "jápa sharp sharp". Èmi tó jẹ́ pé ilé ìwé girama ni mo parí sí, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó yé mi. Ọkùnrin ará Tógò kò kẹ́kọ̀ọ́ ju ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, èdè Faransé ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Inú kíláàsì ìwé kíkà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ti kọ́ ìwé Yorùbá, ó sì ń kà á bí ẹni ń fi igi wá ọ̀nà nínú omi. Kí ni "jápa" fẹ́ jẹ́ lójú irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ẹgbẹ́ pàdé ní gbàgede ilé Bàbá Alága. Olórí àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ igbó wà níbẹ̀, ó gbé ìbọn rẹ̀ sí ẹsẹ̀. Mo dìde, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní ẹni tó wà nínú ewu kò ní àsìkò ìkíni.

Bàbá Alága wò mí títí. "Kí n kọ ìwé sí ọmọ ọlọ́mọ, kí n má kí i? Ṣé ewúrẹ́ ni?"

"Bàbá, ẹ kí i tó bá délé. Ìkíni yín ló kà dé òpin. Ó ti rò pé ọ̀rọ̀ tán."

Akọ̀wé ní, "Ṣùgbọ́n Màmá, bí gbogbo ayé ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn."

"Gbogbo ayé kọ́ ló ń sùn ní oko mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní kí akọ̀wé lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ "wá" láìfi nọ́ńbà sí i. Mo ní ohun kan tún kù: kí a má ṣe fi èdè Ìkẹ́rẹ́ kọ ọ́, nítorí "ilé" ni wọ́n kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, bó bá rí "ulé" yóò dúró máa wò ó.

Bàbá Alága gbé ọwọ́ lérí. "Haà! Àwa kò wáá gbọdọ̀ sọ 'ulé' nínú ulé wa mọ́!"

Ẹ̀rín tún bẹ́. Olórí ọdẹ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, àwọn ènìyàn yẹn kò tíì lọ. Wọ́n kàn wọ inú igbó lọ ni. Wọn yóò padà wá. Ẹ jẹ́ kí obìnrin yìí ṣe é bó ṣe fẹ́ ṣe é."

Báyìí ni ó ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́ láti máa kọ ọ̀rọ̀ sí àwọn tó wà ní apá oko wa. Mo bẹ ọkùnrin náà àti ìyàwó rẹ̀ pé kí wọ́n dúró sí ìlú. Wọ́n dúró fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkó ti pọ́n, ó ń jẹrà lórí igi, ìpín tiwọn sì wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin náà ní, "Màmá, bí a kò bá ká a, a ti ṣiṣẹ́ ọdún lásán." Wọ́n padà. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí èmi bá wọn lọ. Ohun tó wà láàárín wọn àti àwọn ọlọ́kadà wọ̀nyẹn kò ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí èmi yóò kọ.

Kí wọ́n tó lọ, mo pè wọ́n jókòó ní ilé ìdáná mi. Mo ń kọ ọ̀rọ̀ sórí fóònù mi, mo ń fi ránṣẹ́ sí tirẹ̀, ó ń kà á sókè, mo sì ń bi í pé kí ni yóò ṣe. Mo kọ́kọ́ kọ pé, "Ẹ kúrò lóko báyìí. Ẹ má gba ọ̀nà ọkọ̀." Ó fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà, ó ń kà á sínú, ó sì gbójú sókè.

"Ó yé mi. Ọ̀nà ọkọ̀."

Ìyàwó rẹ̀ mi orí pẹ̀lú rẹ̀. "Má" kéré púpọ̀. Ojú ẹni tí kò mọ èdè dáadáa máa ń fò ó kọjá lọ síbi ọ̀rọ̀ tó mọ̀, àgàgà bí ẹ̀rù bá ń bà á. Láti ọjọ́ náà n kò kọ ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe sí i mọ́. Ohun tí yóò ṣe nìkan ni mo ń kọ: "Ẹ gba ọ̀nà odò."

Ohun mìíràn tí mo rí ni pé gbogbo ohun tí mo bá bi wọ́n, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá" ni. Ọ̀wọ̀ ni. Bí mo bá ní ṣé wọ́n lè fò, wọn yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Nítorí náà mo sọ fún un pé n kò fẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni" lórí fóònù. Kó kọ ohun tó fẹ́ ṣe fún mi.

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, mo máa ṣì í kọ."

"Ṣì í kọ. Ṣáà kọ ọ́."

Oko wa wà lẹ́yìn àpáta, ìpè kì í wọlé. Lára igi ọsàn tó wà lókè ahéré ló ti máa ń fi fóònù kọ́ ìṣó, ibẹ̀ ni àtẹ̀jíṣẹ́ ti ń rí ọ̀nà wọlé, nígbà mìíràn èyí tí a kọ kẹ́yìn a ṣáájú èyí tí a kọ kọ́kọ́. Mo fi èyí sọ́kàn. Èyíkéyìí tí mo bá kọ gbọ́dọ̀ lè dá dúró: bí òun nìkan bá dé, kí wọ́n lè mọ̀ pé kí wọ́n kúrò. N kò fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, nítorí ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní ìlú sọ fún mi pé bí àmì bá wà, àtẹ̀jíṣẹ́ kan lè pín sí méjì, ìdajì lè má dé. Mo fi àmì sí i níbí kí ẹ lè kà á ni. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè ṣì kà láìsí àmì, mo fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. N kò fi àtẹ̀jíṣẹ́ kí wọn, n kò fi ṣe àwàdà. Bí mo bá fẹ́ kí wọn, mo máa ń dúró di ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n bá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọwọ́ mi kò gbà á bọ̀rọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbé fóònù, ìka mi a kọ "Ẹ kú iṣẹ́ o" kí n tó mọ̀. Mo máa ń pa á rẹ́ bí ẹni ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́ níwájú àlejò.

Ọjọ́ náà dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà. Mo wà nílé Bàbá Alága, a ń sọ̀rọ̀ àpò kòkó, nígbà tí olórí ọdẹ pe fóònù mi. Ohùn rẹ̀ kò ga. Ó ní àwọn ọmọ òun rí ọ̀kadà tó gba ojú ọ̀nà Ẹmùré wọlé, wọ́n ti yà sí ọ̀nà oko wa. Àwọn náà ń bọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tíì súnmọ́ ibẹ̀.

Bàbá Alága ní, "Pè é!" Mo pe ọkùnrin ará Tógò náà. Kò wọlé. Mo jókòó sórí ilẹ̀, mo sì kọ ọ́:

"Ẹ kúrò lóko báyìí. Ẹ gba ọ̀nà odò."

Lẹ́yìn náà:

"Ẹ kúrò lóko. Ẹ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn èèyàn búburú ń bọ̀."

Bàbá Alága tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀, ó ń wo ojú fóònù. Ẹnu rẹ̀ ń mì, n kò mọ̀ bóyá àdúrà ni. Mo rò ó bóyá ọkùnrin náà ń wo fóònù lára igi ọsàn, tàbí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó ń fi àdá ká kòkó, tí fóònù sì ń dá tàn lára igi. Ìyàwó Bàbá Alága gbé omi wá fún mi. N kò lè mu ún.

Fóònù dún.

"Beeni mama."

Ẹnikẹ́ni tó bá di fóònù rẹ̀ mú lè kọ ìyẹn. Mo kọ ọ́ padà: "Ọ̀nà wo?"

Bàbá Alága ní, "Kí ló sọ?" Mo ní kò tíì sọ nǹkan. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Níta, àwọn tó ń lọ sí ọjà ń kí ara wọn lójú pópó, ẹ kú òwúrọ̀, ẹ kú ọjà, ohùn wọn ń lọ, ohùn wọn ń bọ̀, ó sì dà bíi pé ayé méjì ni a wà.

Fóònù tún dún.

"Odo. Omo wa lodo wa. Mo da omi si ina."

N kò sọ fún un pé kó pa iná. Ó rántí fúnra rẹ̀. Mo ka èyí, mo sì bú sẹ́kún níwájú Bàbá Alága, mo ti fẹnu sọ ọ́ fún un kó tó bi mí.

Ṣùgbọ́n wọn kò tíì dé. A lọ dúró sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní ìpẹ̀kun ìlú, níbi tí ọ̀nà odò ti já sí. A gbọ́ ìbọn lókèèrè, a kò mọ̀ bóyá ti ọdẹ ni tàbí ti àwọn yẹn. Bàbá Alága fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara rẹ̀, kò jókòó. Nígbà tí koríko mì, mo fà á lọ́wọ́ pé kó jẹ́ ká wọlé. Ìyá ọmọ ló kọ́kọ́ yọ, omi ń kán lára ìró rẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Bàbá Alága ṣí ẹnu. "Ẹ kú..." Ó wo ẹ̀yìn wọn, ó wo igbó. "Ẹ wọlé," ó ní. "Ẹ wọlé, ẹ̀yin ọmọ mi."

Àwọn ọdẹ lé àwọn ènìyàn náà wọ inú igbó, ṣùgbọ́n wọn kò mú wọn. Wọ́n ní ahéré mi ni àwọn ọlọ́kadà náà kọ́kọ́ dé. Ìṣó nìkan ni wọ́n bá lára igi ọsàn. Lẹ́yìn èyí, ẹnikẹ́ni kò sùn lóko mọ́. Àwọn ọkùnrin ń lọ pẹ̀lú ọdẹ, wọ́n ń ká ohun tí wọ́n bá lè ká, wọ́n ń padà kí oòrùn tó wọ̀. Èmi kì í lọ. Bí fóònù bá dún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ fóònù ló ń ta orin, mo máa ń sáré gbé e. Mo ń ka gbogbo rẹ̀ títí dé òpin. N kò pa ọ̀kankan rẹ́.

Níkẹyìn, olórí ọdẹ fúnra rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà mi ní òwúrọ̀ kan. Ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní àwọn àti àwọn ṣọ́jà ti yí igbó náà ká, wọ́n ti mú wọn, títí kan ẹni tó ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn láti ìlú. Ó ní òun ti fi ojú ara òun rí wọn nínú ọkọ̀. Mo bi í lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ó dá a lójú.

Mo kọ ọ́ sí ọkùnrin ará Tógò, tó wà ní yàrá tí ṣọ́ọ̀ṣì yà fún wọn: "Ẹ lè padà sóko. Wọ́n ti mú wọn." Ó dáhùn: "A n pada soko. Emi ati iyawo ati omo." Bí mo ṣe kọ́ ọ gan-an.

Ní ọ̀sán, mo ń ṣa ẹ̀wà níwájú ilé. Fóònù dún. Òun ni.

"E ku ise ma. E ku oorun. Se daadaa ni e wa? Ara nko? Ile nko? Olorun yoo maa so wa ni alo ati ni abo o. Amin."

Ẹ̀wà dà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Mo tẹ bọ́tìnnì sísàlẹ̀. Kò sí ìyókù. Mo dúró de ìkejì. Kò dé. Mo kọ ọ́: "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Mo mọ̀ pé ó ń wá lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ko si nnkan. Iyawo mi n se isu. Mo kan ki yin ni mama."

Mo jókòó sórí àpótí. Mo tún ìkíni náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì rí i pé ti Bàbá Alága ni, ó ti há a sórí láti ọjọ́ náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn. Mo kí i kú iṣẹ́, mo kí i kú oòrùn, mo béèrè ìyàwó, mo béèrè ọmọ, mo béèrè igi ọsàn, mo ṣe àdúrà, mo tún kí i. Ọ̀rọ̀ náà gùn títí tí fóònù fi sọ fún mi pé ó ti di méjì. Mo fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.